Ibi Tí O Jókòó Sí Ṣiṣẹ́: Owó-Orí Ẹni Tó Ń Gbélé Gba Owó Òkè Òkun

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó-orí ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì ń fi dọ́là tàbí pọ́n-ùn sanwó fún. Oníṣirò owó ni mí, ọ̀rọ̀ owó-orí ni mo sì fi ń jẹun. N kò wá síbí láti yin ìjọba, n kò sì wá bú wọn. Ohun tí òfin wí, bí ìṣirò rẹ̀ ṣe ń lọ, àti ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti máa ń yọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí kò yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà ni owó mi ti ń wá. Kí ló wá kan ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbẹ̀?" Ẹni tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ rò pé ibi tí owó ti gbéra ni òfin ń wò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ń gbé, tó sì jókòó sí tó ń ṣe é, ni òfin ń wò. Bí ẹ bá di ọ̀rọ̀ kan yìí mú, ẹ ó rí i pé òun ló tú gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí palẹ̀.

Òfin Owó-orí Nàìjíríà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ka ènìyàn sí ará ilé fún ọ̀rọ̀ owó-orí bó bá ní ibùgbé tó wà nílẹ̀ fún un ní Nàìjíríà, tàbí bó bá jẹ́ pé ibí ló máa ń gbé, tàbí bí ìyàwó, ọmọ àti ọ̀nà ìjẹun rẹ̀ bá so mọ́ ibí, tàbí bó bá lo ọjọ́ 183 ó kéré tán níbí láàárín oṣù 12. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ọ̀kan tó. Ẹni tó gba ilé ní Bódìjà, tó ń sùn síbẹ̀, tó ń jí síbẹ̀, tó ń tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ kó lè bá ọ̀gá rẹ̀ ní Téksáàsì ṣe ìpàdé lórí fídíò, ará ilé ni. Ará ilé sì ń san owó-orí lórí gbogbo owó tó bá wọlé fún un, ibi yòówù kí ó ti wá, bóyá ó gbé owó náà wọ Nàìjíríà tàbí kò gbé e wọ̀ ọ́.

Apá tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n rò pé bí dọ́là bá ti wà nínú áàpù tó wà lórí fóònù, tàbí nínú àkáǹtì dọ́mù, tí wọn ò tíì ṣẹ́ ẹ sí náírà, a jẹ́ pé kò tíì wọlé. Ó ti wọlé. Ọjọ́ tí wọ́n san án fún ọ ni ó di owó rẹ, ọjọ́ yẹn náà ni òfin kà á. Àmọ́ ẹ̀rù òdìkejì tí àwọn míì ń bà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìjọba kì í gba owó-orí lórí iye tó wà nínú àkáǹtì, kì í sì í gba á lórí owó tó kàn gba ibẹ̀ kọjá. Bí àǹtí rẹ tó wà ní Mánṣẹ́sítà bá fi pọ́n-ùn 300 ránṣẹ́ pé kí o fi ra oògùn fún Màmá, owó iṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ bá ń san owó oṣù rẹ tí o sì ní kó kọ "ẹ̀bùn" sí i lára, owó oṣù náà ni yóò máa jẹ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé òfin tuntun yìí ló dá gbèsè náà sílẹ̀. Òfin àtijọ́ náà wo ibi tí ènìyàn ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tí òfin tuntun ṣe ni pé ó sọ ọ́ síta gbangba, ó sì fi okùn tó gùn sí i so báńkì mọ́ àjọ owó-orí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìwé kan tó ti ṣi ọ̀pọ̀ yín lọ́nà. Bí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bá fẹ́ máa san owó fún ọ, wọ́n á fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní W-8BEN. O kọ orúkọ rẹ, o kọ àdírẹ́sì rẹ ní Nàìjíríà, o buwọ́ lù ú, o dá a padà. Mo ti jókòó pẹ̀lú ẹni tó tẹ fọ́ọ̀mù yìí jáde, tó fi sínú rọ́bà tó ń dán, tó gbé e wá fún mi pé ẹ̀rí owó-orí tí òun ti san ní Amẹ́ríkà nìyí. Òdìkejì ohun tó rò gan-an ló wà nínú ìwé náà. Ohun tí W-8BEN ń sọ fún wọn ni pé: èmi kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, n kò gbé níbẹ̀. Nítorí pé ẹni náà jókòó sí Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà gbà pé owó iṣẹ́ yẹn kò ti ilẹ̀ àwọn jáde, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi yọ owó-orí kankan nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó ní kí Amẹ́ríkà má yọ nǹkan kan lára owó rẹ, báwo ló ṣe máa di ẹ̀rí pé o ti san nǹkan kan? Bí òṣìṣẹ́ owó-orí bá rí i lọ́wọ́ rẹ, ìwé pé o ní owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì gba owó-orí lórí rẹ̀ ni o fi lé e lọ́wọ́.

Ti Ìlú Ọba tún ní ìṣòro tirẹ̀, pàápàá fún àwọn tó ti gbé níbẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ló wà báyìí tó ti padà wálé, tí ilé-iṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ láti ilé. Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé owó oṣù níbẹ̀, wọ́n sì ń yọ owó-orí wọn níbẹ̀ lóṣooṣù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ní, "Mo ti ń san án ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kò lè gba á lẹ́ẹ̀mejì." Òtítọ́ ni pé àdéhùn owó-orí wà láàárín Nàìjíríà àti Ìlú Ọba láti ọdún 1987. Ṣùgbọ́n ohun tí àdéhùn náà sọ ni pé owó iṣẹ́ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ń gbé, àfi bó bá lọ ṣe iṣẹ́ náà ní orílẹ̀-èdè kejì. Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta, tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Nàìjíríà ló ni owó-orí rẹ̀. Èyí tí Lọ́ńdọ̀nù ń yọ, wọ́n ń yọ ohun tí kì í ṣe tiwọn. Nàìjíríà kò sì ní tìtorí pé o fi owó rẹ fún ẹni tí kò tọ́ sí kó fojú fo tirẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà, kò sì nira tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Ẹni tó kúrò ní Ìlú Ọba á kọ fọ́ọ̀mù P85 sí àjọ owó-orí wọn, HMRC, pé òun ti kó kúrò, pé ìta ni òun ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ òun. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á fi kóòdù NT ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà, tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n má yọ owó-orí. Ẹ wo ìwé owó oṣù yín dáadáa: bí kóòdù tó wà lára rẹ̀ bá ṣì jẹ́ 1257L tàbí irú rẹ̀, wọ́n ṣì ń kà yín mọ́ ará ibẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ti yọ láìtọ́, ọ̀dọ̀ HMRC lẹ ti máa gba á padà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa níbí. Àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ bá ní kí o wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọ́fíìsì Lọ́ńdọ̀nù kí o sì ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó-orí lórí rẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ Ìlú Ọba ló ń san owó náà. Ìyẹn ni Nàìjíríà máa yọ kúrò nínú tiwa fún ọ, bí o bá mú ẹ̀rí wá. Kò sì ní ju iye tí àwa fúnra wa ìbá gbà lórí owó náà lọ.

Amẹ́ríkà kò ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú wa. Fún ẹni tó ń jókòó sílé ṣiṣẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, nítorí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò bèèrè.

Ta wá ni wọ́n máa san án fún? Owó-orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ tó ń gbé ló ń gba á. Ará Èkó á lọ sọ́dọ̀ LIRS, ará Ìbàdàn á lọ sí àjọ owó-orí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ará Ògùn á lọ sí tiwọn. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń gbé ní Mowé àti Ìbafo tí wọ́n ń lo àdírẹ́sì àbúrò Màmá wọn ní Ọ̀jọ́tà. Ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ wà o. Bí ẹ bá san án fún Èkó, Ògùn ṣì lè bèèrè tirẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa sáré láàárín ọ́fíìsì méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká ní obìnrin kan wà, ká pè é ní Fúnmi, tó ń gbé ní Bódìjà, tó ń yàwòrán ojú ìwé áàpù fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan. Dọ́là 1,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Kí ìṣirò lè rọrùn, ká mú dọ́là kan ní ₦1,500 jálẹ̀ ọdún. Lóòótọ́, iye dọ́là máa ń yí padà. Ohun tó yẹ kí Fúnmi ṣe ni pé lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kó kọ iye tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń ṣírò dọ́là lọ́jọ́ náà sínú ìwé kan, kó má dúró dìgbà tí ọdún bá parí kó tó máa wá a kiri. Iye ti Báńkì Àpapọ̀ ni mo wí, kì í ṣe ti àwọn mọ̀là tó ń ṣẹ́ dọ́là lábẹ́ igi.

Dọ́là 12,000 lọ́dún, ní ₦1,500, jẹ́ ₦18,000,000. Fúnmi ń san ₦1,500,000 fún ilé. Òfin tuntun gbà kó yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀ kúrò, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ìdá 20 tirẹ̀ jẹ́ ₦300,000. Ó kù ₦17,700,000. Ìwé àdéhùn ilé àti risíìtì lándílọ́ọ̀dù ló máa fi gbè é lẹ́sẹ̀. Bí lándílọ́ọ̀dù rẹ bá jẹ́ irú èyí tó máa ń ní "kò sí wàhálà, mo ti rí i" tí kò ní kọ risíìtì, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́.

Owó tó kù yẹn la máa gé sí ìpele. ₦800,000 àkọ́kọ́, ìjọba kò gba nǹkan kan lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú 100, ìyẹn ₦330,000. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé e, ìdá 18, ìyẹn ₦1,620,000. A ti lo ₦12,000,000 báyìí, ó ku ₦5,700,000, ìdá 21 la máa gbà lórí ìyẹn, ó jẹ́ ₦1,197,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,147,000. Bí Fúnmi bá pín in sí oṣù 12, ₦262,250 ni, ìyẹn bíi dọ́là 175 nínú 1,000 tó ń wọlé lóṣooṣù. Àwọn tí wọ́n ń sọ kiri pé ìdá 25 ni ìjọba máa gbà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń gba dọ́là kò ka ìpele wọ̀nyí dáadáa: ìdá 25 kì í bẹ̀rẹ̀ àfi lórí ohun tó bá lé ní ₦50,000,000, lórí èyí tó lé yẹn nìkan sì ni.

Mo ṣe ìṣirò Fúnmi yìí kan náà lábẹ́ òfin àtijọ́, èyí tó ń lo ẹ̀dínwó tí wọ́n ń yọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ láìbèèrè risíìtì ilé. ₦3,200,000 ló já sí. ₦53,000 péré ni ìyàtọ̀ wọn, òfin tuntun ló sì kéré. Gbogbo ariwo tí wọ́n pa ní ọdún 2025 kò yí nǹkan púpọ̀ padà fún ẹni tó wà ní ìpele rẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun kan wà tó lè dín owó Fúnmi kù, tí ọ̀pọ̀ kò sì bìkítà fún. Ṣé òṣìṣẹ́ ni, tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń gba kọ́ńtíráàtì? Òṣìṣẹ́ kò lè yọ owó dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀ kó tó ṣírò owó-orí. Ẹni tó ń ṣe òwò tirẹ̀ lè yọ ọ́, bó bá jẹ́ nítorí iṣẹ́ náà ló ṣe ná an. Bí Fúnmi bá jẹ́ oníkọ́ńtíráàtì, tó sì ní risíìtì ₦2,000,000 tó ná sórí iṣẹ́, ₦420,000 ni owó-orí rẹ̀ máa fi dín, yóò wá di ₦2,727,000. Ṣùgbọ́n epo tó fi tan fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ilé kò sí níbẹ̀. Apá tó lọ sórí iṣẹ́ nìkan ló lè kà. Kọ̀ǹpútà tuntun náà kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọdún mélòó kan ni wọ́n ń pín in sí.

Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé kọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìwé bá pè ọ́ ní oníkọ́ńtíráàtì, tí wọ́n sì ń yan wákàtí fún ọ, tí o ń tọrọ ààyè kí o tó lọ sí ìsinmi, tí wọn kò gbà kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, òṣìṣẹ́ ni òṣìṣẹ́ owó-orí máa pè ọ́. Ọ̀nà kẹta náà wà: àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń lo aṣojú tó wà níbí láti gba òṣìṣẹ́ fún wọn. Bí tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, aṣojú yẹn ló máa yọ owó-orí rẹ kó tó san owó rẹ. Bèèrè ẹ̀rí pé ó ti san án fún ìpínlẹ̀ rẹ, nítorí kí wọ́n yọ owó yàtọ̀ sí kí wọ́n san án.

Àwọn kan á ní kí o kúkú dá kọ́ńpínì sílẹ̀, pé kọ́ńpínì kékeré kì í san owó-orí. Òfin kan náà yọ iṣẹ́ àwọn amọṣẹ́dunjú kúrò nínú ohun tó ń jẹ́ kọ́ńpínì kékeré, ẹ̀tànjẹ lèyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ yín.

Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ni ẹ ń bi ara yín lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Nọ́ńbà NIN rẹ ti di nọ́ńbà owó-orí rẹ, báńkì sì gbọ́dọ̀ máa jábọ̀ fún ìjọba nípa àkáǹtì tí owó ńlá ń gbà kọjá. Nàìjíríà tún wà nínú ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń fún ara wọn ní ìròyìn àkáǹtì, nítorí náà àkáǹtì tí o ṣí sí Ìlú Ọba pẹ̀lú àdírẹ́sì Nàìjíríà kò pamọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta ló máa ń tú àṣírí jù. Ọmọkùnrin kan fẹ́ ṣe ìwé ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí náà wá. Ó ti sọ fún àjọ owó-orí pé ₦1,200,000 lòun ń rí lọ́dún. Ilẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìwé fún, ₦14,000,000 ló rà á. Ìbéèrè tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà, kò nílò amòye láti rò ó.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Bí kò bá sí ẹni tó ń yọ owó-orí rẹ, ìwọ fúnra rẹ lo máa jábọ̀. Lórí ojú ìwé àjọ ìpínlẹ̀ rẹ, wàá fi NIN rẹ ṣí ààyè, wàá kọ iye tó wọlé àti ohun tó yẹ kí wọ́n yọ, ẹ̀rọ á ṣírò rẹ̀, á gbé nọ́ńbà ìsanwó jáde, o sì san án ní báńkì tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìjábọ̀ owó ọdún 2026 gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ìparí oṣù kẹta ọdún 2027. Kó ìwé owó oṣù, àdéhùn iṣẹ́, ìwé báńkì àti risíìtì pamọ́. Ẹni tó bá kọ̀ láti jábọ̀, ìtanràn ₦100,000 ni fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Ìyẹn jẹ́ fún àìjábọ̀ nìkan. Àìsanwó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìdá 10 nínú 100 owó náà pẹ̀lú èlé.

Ó ku àwọn tó ti ń gba dọ́là láti ọdún 2021 tí wọn kò tíì jábọ̀ rí. Òfin àtijọ́ ni a máa fi ṣírò ọdún tó ṣáájú 2026, ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú iye dọ́là ti ọdún náà. Dọ́là ọdún 2021 kò sì ju nǹkan bíi ₦410 lọ ní Báńkì Àpapọ̀, nítorí náà gbèsè ọdún yẹn lè má pọ̀ tó bí o ṣe ń rò. Ọdún mẹ́fà ni àjọ owó-orí lè yíjú padà sẹ́yìn, àyàfi bó bá jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ fi owó pamọ́, nígbà yẹn kò sí ààlà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó kọ̀wé sí i, máa ń rí ààyè láti san án díẹ̀díẹ̀. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́ rárá, ẹ kọ́kọ́ jábọ̀ ná, nítorí ìtanràn ₦50,000 oṣooṣù yẹn kì í dúró de ọjọ́ tí owó á fi wà. Ẹ wá lè bèèrè ìbéèrè yín báyìí. Ẹni tó bá ní ìwé owó oṣù tó ní kóòdù tí kò yé e, kó mú un wá síwájú.